Kókó Mìlímítà 7 Nínú Ẹ̀dọ̀fóró: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ní Kí Màmá Padà Wá Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́fà?

Ọ̀kadà ló gbé ìyá náà ṣubú. Ẹni ọdún 58 ni, gàrí àti ẹ̀wà ló ń tà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀, bó bá sì ti mí sínú báyìí, á fi ọwọ́ di ìhà mú. Dókítà tó gbà á wò bẹ̀rù pé eegun ìhà lè ti gún ẹ̀dọ̀fóró, ló bá ní kí wọ́n lọ ya sítí síkáànù àyà. Èsì jáde: eegun kankan ò ṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ò lu. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, ìlà kan wà tí ẹnikẹ́ni ò retí. Kókó kan wà ní apá òkè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ó ki, ó fẹ̀ tó mìlímítà 7, etí rẹ̀ dán. Kí wọ́n tún àyà yà láàárín oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá.

Èmi ni mo ya àwòrán náà. Mi ò kì í ṣe dókítà. Èmi ni ẹni tó máa ń sọ fún yín nídìí ẹ̀rọ pé kí ẹ fa èémí sínú, kí ẹ sì dá a dúró. Ọjọ́ kejì ni ọmọ ìyá yìí obìnrin wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Wọ́n rí kókó nínú ẹ̀dọ̀fóró màmá mi, wọ́n wá ní ká máa lọ sílé fún oṣù mẹ́fà. Ṣé wọ́n ti gbà pé ẹ̀pa ò bóró mọ́ ni, àbí wọn ò kà á sí?"

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ sítí wo ìjàǹbá ọkọ̀, wọ́n ń fi wo inú rírun àti òkúta inú kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró sì máa ń bọ́ sínú àwòrán, bí kò tiẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ yìí ń rí ohun tí ẹ́ksíréè kì í rí. Kókó mìlímítà 7 sábà máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn eegun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ́ksíréè, àmọ́ lórí sítí ó máa ń hàn kedere. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ti wá fún ohun mìíràn ló ń gba irú ìlà yẹn lọ sílé, wọn kì í sì í ráyè bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó di pé oorun dá lójú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kókó. Ohun tó ṣù róbótó nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 30 lọ, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ju 30 lọ, wọ́n kì í pè é ní kókó mọ́, wọn kì í sì í dá oṣù mẹ́fà fún un. Àyẹ̀wò kíákíá ni. Mìlímítà 7 kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, irú èyí tí ìyá yìí ń wọ̀n fún oníbàárà lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ àpá àìsàn tó ti san láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ikọ́ fée pàápàá, torí ikọ́ fée pọ̀ lágbègbè wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti kó kòkòrò rẹ̀ rí láìmọ̀. Ó lè jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró látilẹ̀wá. Ó lè jẹ́ èso ara tí kì í ràn. Ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ.

Ìwọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ bí ẹ̀rù ṣe tó. Kókó tó ki, tí kò tó mìlímítà 6, kò tó ẹnì kan nínú 100 tí tirẹ̀ máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí tó wà láàárín 6 sí 8, bí ẹnì kan sí méjì nínú 100 ni. Tó bá ti kọjá 8, ewu náà ń ga sí i, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán àyà kan wà tí wọ́n ń pè ní Fleischner, orúkọ tí ẹ lè rí lórí ìwé èsì yín. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà jáde lórí irú kókó báyìí, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2017. Ìlànà ọdún 2017 yẹn ni wọ́n fi kọ ti ìyá yìí. Nínú rẹ̀, ẹni tí ewu rẹ̀ kéré tí kókó rẹ̀ kò tó 6 kò nílò àtúnyà rárá. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 6 sí 8 á padà wá láàárín oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Ẹni tí tirẹ̀ ju 8 lọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nípa àtúnyà ní oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ọmọbìnrin náà gbọ́ èyí, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, "Ẹnì kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́? Tó bá jẹ́ màmá tèmi ni ẹni náà ńkọ́? Kí wọ́n kúkú gé e, ká mọ èyí tá a wà."

Mi ò lè bá a jà fún ọ̀rọ̀ yẹn, torí màmá èèyàn kì í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gígé yẹn jẹ́. Hóró ẹ̀wà kan ni, ó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú gbogbo èémí. Abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n á gbà láàárín eegun ìhà, wọ́n á sì máa fi àwòrán tọ́ ọ sọ́nà. Abẹ́rẹ́ náà lè tàsé. Tó bá sì tàsé, èsì tó ní "a ò rí jẹjẹrẹ" kò sọ ohunkóhun fún yín, torí kì í ṣe inú kókó ni wọ́n ti mú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Lójú ọ̀nà náà, afẹ́fẹ́ lè jò jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró sí ààyè tó yí i ká, kí ẹ̀dọ̀fóró sì sún kì. Àwọn kan ti ní láti gba ọ̀pá sí ìhà nítorí rẹ̀. Kí ẹni 98 nínú 100 tí kò ní jẹjẹrẹ má baà la èyí kọjá ni wọ́n ṣe ń dúró.

Àwòrán kan tún wà tí wọ́n ń pè ní pẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n máa ń fa ṣúgà àkànṣe kan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ibi tó bá ń jẹ ṣúgà púpọ̀ lè tàn. Kókó tí kò bá ju mìlímítà 8 lọ kéré jù fún un. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ kó má tàn. Ikọ́ fée náà sì máa ń tàn bíi jẹjẹrẹ. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tó bá ná owó sórí ìyẹn fún kókó mìlímítà 7 lè padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè tó gbé lọ.

Ohun tó kù tó lè sọ òótọ́ ni àkókò. Jẹjẹrẹ máa ń dàgbà, àpá kì í dàgbà. Ṣùgbọ́n kí àkókò tó lè sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ gùn tó. Ibí ni ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà ti wá, ó sì ya ọmọbìnrin náà lẹ́nu nígbà tí mo fi òkèlè ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ẹ ṣù òkèlè ẹ̀bà méjì tó dọ́gba, kí ẹ wá pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan róbótó. Ẹ̀bà tó wà nínú rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi rúlà wọn ìbú rẹ̀, ẹ ò ní rí ìlọ́po méjì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìbú náà fi máa pọ̀ sí i. Bí ìbú òkèlè kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, èyí tí ẹ pa pọ̀ kò ní ju nǹkan bíi 5 lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó ẹ̀dọ̀fóró rí. Kí gbogbo ohun tó wà nínú kókó mìlímítà 7 di ìlọ́po méjì, ìbú rẹ̀ á kàn sún sí nǹkan bíi 9 ni.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ki sábà máa ń lo láàárín 100 ọjọ́ sí 400 ọjọ́ kí ó tó di ìlọ́po méjì. Ká wá sọ pé jẹjẹrẹ ni ti ìyá yìí, tó sì ń lo 200 ọjọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìbú rẹ̀ kò tíì tó 8. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ààbọ̀, ó ti sún mọ́ 9. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti kọjá 10 díẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé àwòrán kan náà fún dókítà méjì pé kí wọ́n wọn kókó kan náà, ọ̀kan lè rí 7, èkejì a rí 8, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì ṣàṣìṣe. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi pe ìyàtọ̀ mìlímítà kan ní ìdàgbà. Ó gbọ́dọ̀ tó méjì. Ẹni tó bá sáré lọ yà á lóṣù mẹ́ta á ná owó, á gba ìtànṣán, wọ́n á sì sọ fún un pé àwọn ò rí ìyàtọ̀, yálà jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò ní ìpìlẹ̀ ni ìyẹn, mo sì rò pé ó burú ju ìbẹ̀rù lọ, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè má padà wá mọ́.

Ká ní jẹjẹrẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ ni, èyí tó ń lo 400 ọjọ́ ńkọ́? Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò tíì tó 8. Lẹ́yìn ọdún kan, kò tíì tó 9. Ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ó tó kọjá 10. Nítorí irú èyí ni ìlànà fi ní àtúnyà kejì láàárín oṣù méjìdínlógún sí oṣù mẹ́rìnlélógún. Ẹlẹ́ẹ̀kíní ń ṣọ́ èyí tó yára, ẹlẹ́ẹ̀kejì ń ṣọ́ èyí tó ń fà. Fún ẹni tí ewu rẹ̀ kéré, dókítà lè ní kí ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn má pọn dandan. Ìyá yìí kò mu sìgá rí, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ wà lápá òkè ẹ̀dọ̀fóró, ibi tí jẹjẹrẹ fẹ́ràn, ó sì ti fi igi dáná nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó máa tajà. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín igi inú ilé mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kó wá.

Ọmọbìnrin náà bi mí pé tó bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣé oṣù mẹ́fà yẹn ò ní pa màmá òun. Ìbéèrè gidi ni. Tó bá ń lo 200 ọjọ́, mìlímítà 9 ló máa jẹ́ nígbà tí wọ́n bá máa rí i, ìyẹn ò sì tíì tó sẹ̀ǹtímítà kan. Nínú bí wọ́n ṣe ń pín ìpele jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí kò sì tíì ràn dé ibòmíràn, wà ní àkàsọ̀ àkọ́kọ́ pátápátá, níbi tí iṣẹ́ abẹ ti lè kó o kúrò. Wọ́n yan oṣù mẹ́fà sí méjìlá torí pé ó gùn tó láti rí ìyàtọ̀, kò sì gùn débi tí àǹfààní á fi bọ́.

Mo ti ní etí kókó náà dán. Ọ̀rọ̀ etí yìí máa ń kó bá àwọn tó ń ka èsì fúnra wọn. Etí kókó lè dán yíká bíi ti hóró ẹ̀wà. Ó lè rí gúnlegùnle bíi ata rodo. Ó sì lè yọ ẹsẹ̀ tín-ín-rín káàkiri bíi koríko tí wọ́n fà tu tòun ti gbòǹgbò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń ba dókítà lẹ́rù jù, torí jẹjẹrẹ máa ń fa ẹran ara tó yí i ká mọ́ra, ó sì máa ń rá lọ sínú rẹ̀, òun ló ń hàn bíi gbòǹgbò. Kókó tó bá yọ gbòǹgbò á mú kí wọ́n ka ẹni náà mọ́ ẹni tí ewu rẹ̀ ga, kódà bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pọ̀.

Àmọ́ etí nìkan kì í dá ẹjọ́. Àpá ikọ́ fée náà máa ń yọ gbòǹgbò, torí àpá gbogbo ló ń fa ara ṣù, ẹ wo àpá iná lára awọ. Jẹjẹrẹ tó bá sì ti ọmú tàbí ìfun wá dé ẹ̀dọ̀fóró lè ní etí tó dán gbinrin. Nítorí náà, tí ẹ bá rí "etí rẹ̀ dán" lórí ìwé, ẹ má tìtorí ẹ̀ fagi lé ọjọ́ àtúnyà. Tí ẹ bá sì rí òdìkejì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìsìnkú.

Àwọn àmì kan wà tó ń dá ẹjọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí dókítà bá rí ọ̀rá nínú kókó tí etí rẹ̀ dán, èso ara tí kì í ràn ni wọ́n máa ń kà á sí. Bí kókó náà bá ti di òkúta látòkèdélẹ̀, tàbí tí òkúta náà wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, tàbí tó rí bíi gúgúrú tó bẹ́, kò sí ohun tí wọ́n tún ń dúró dè. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni òkúta wà, ìyẹn ò dá ẹnikẹ́ni láre. Ẹṣẹ́ kékeré onígun mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ ojú ìlà tó pín ẹ̀dọ̀fóró náà máa ń dá yàtọ̀, wọn kì í sì í pe ẹni tó ní i padà. Ti ìyá yìí kò ní ìkankan nínú gbogbo wọn. Hóró kan ṣá ni, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Irú mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi òṣùwọ̀n ti ìyá yìí wọn tirẹ̀. Kókó kan wà tí kò ki. Ó rí bí ìkùukùu, bíi gíláàsì fèrèsé balùwẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá àmọ́ tí èèyàn ò lè rí òdìkejì rẹ̀ dáadáa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣì máa ń hàn láàárín rẹ̀. Àìsàn àyà lásán lè fà á, ìyẹn á sì pòórá. Èyí tí kò bá pòórá lè jẹ́ irú jẹjẹrẹ tó lọ́ra gan-an, débi pé ọdún méjì ò tó láti dá a láre. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ní kí wọ́n wo ìkùukùu tó bá tó mìlímítà 6 láàárín oṣù mẹ́fà sí méjìlá bóyá ó ṣì wà, kí wọ́n wá máa wò ó ní ọdún méjì-méjì títí ọdún márùn-ún á fi pé. Tí hóró tó ki bá wá wà láàárín ìkùukùu náà, bíi ẹyin tí pupa rẹ̀ ń hàn, òun ni wọ́n ń fura sí jù, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sì ni àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ẹ bi dókítà yín léèrè èwo ni tiyín, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń sọ bóyá ọdún méjì ni tàbí ọdún márùn-ún.

Àwọn kan sì wà tí ìlànà yìí kò bá wí rárá: ẹni tí kò tíì pé ọdún 35, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ níbòmíràn nínú ara, àti ẹni tí agbára tí ara rẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn ti dín kù. Ìtọ́jú tiwọn ń tẹ̀ lé àìsàn tí wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sókè, tó ń làágùn lóru, tó ń rù. Ẹ má jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ dúró oṣù mẹ́fà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yẹn, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ikọ́ fée sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n bi ìyá wa ní gbogbo èyí. Kò húkọ́, kò rù.

Ẹ̀rù ìtànṣán náà wà níbẹ̀. Mìlísífátì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán, sítí àyà tí a ń yà fún ìjàǹbá sì tó bíi mìlísífátì 7. Ìtànṣán tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́dún kan tó nǹkan bíi 2.4. Àtúnyà kókó kò nílò èyí tó pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. A lè dín agbára ẹ̀rọ kù sí bíi mìlísífátì 1.5, kí kókó ṣì hàn dáadáa, torí afẹ́fẹ́ ló yí i ká. Kò nílò abẹ́rẹ́ àwọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ya yín pé àtúnyà kókó ni ẹ wá fún, kó má ṣe é bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ìjàǹbá.

Iṣẹ́ tèmi ló tún kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ̀rọ sítí máa ń gé àyà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé mọ́ínmọ́ín. Bí ègé bá nípọn tó mìlímítà 5, kókó mìlímítà 7 lè bọ́ sí ègé kan àti ààbọ̀, kí apá kan rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì parọ́. Ègé tí kò ju mìlímítà kan tàbí ọ̀kan ààbọ̀ lọ ni wọ́n fi ń wọn kókó. Èémí náà ń kó bá a. Ẹni tó fa èémí kún lọ́jọ́ kìíní, tí kò fà á tó lọ́jọ́ kejì, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò rí bákan náà, kókó náà lè yí díẹ̀, kí ìbú rẹ̀ dà bí ẹni pé ó yí padà. Nígbà tí mo bá ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ fà á dáadáa, ohun tí mo ń wá nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni àwòrán tó sọnù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gba ìwé èsì pẹ̀lú fíìmù ńlá kan lọ sílé. Àwòrán orí fíìmù kéré, kò ṣeé wọn dáadáa, gbogbo ègé kò sì sí lórí rẹ̀. Síídì ni ojúlówó àwòrán wà. Mo ti rí ìwé èsì tó kàn kọ "kókó kékeré" láì kọ mìlímítà mélòó. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó máa ka àtúnyà.

Ìyá wa padà wá ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ti pa àwọn àwòrán àtijọ́ rẹ́ torí kọ̀ǹpútà ti kún. Dókítà mìíràn ló ka ti ọjọ́ náà, ìwé èsì àkọ́kọ́ nìkan ló sì rí. Ó wọn kókó náà, ó rí 8. Ó kọ ọ́ pé ó tó 7 tẹ́lẹ̀, ó ti di 8 báyìí. Ìyá náà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bi í pé, "Síídì tí mo fún yín lọ́jọ́sí dà?" Ó ní kò sí lọ́dọ̀ òun. Inú àpótí aṣọ màmá ni wọ́n ti padà rí i, láàárín aṣọ òkè, torí mo ti sọ fún màmá lọ́jọ́ náà pé kó tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀.

Wọ́n gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú ẹ̀rọ. Dókítà kan náà wọn méjèèjì, ní ègé kan náà, ó wọn gígùn àti ìbú, ó rò wọ́n pọ̀, ó wá pín in sí méjì gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí. Ti oṣù kẹwàá jẹ́ 7 àti díẹ̀. Ti oṣù kẹrin jẹ́ 7 àti díẹ̀. Èyí tí ẹnì kan kọ sí 7 ni ẹlòmíràn kọ sí 8. Kò dàgbà.

Síídì àkọ́kọ́ yẹn tún ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ sí i. Kókó tó ń lọ́ra lè kúrò ní 7 sí 8 ní àtúnyà kan, kó kúrò ní 8 sí 9 ní èkejì. Ẹni tó bá ń fi èyí tó kẹ́yìn wé èyí tó ṣáájú rẹ̀ nìkan á máa sọ lójoojúmọ́ pé mìlímítà kan kì í ṣe ìdàgbà. Ẹni tó bá fi wé ti àkọ́kọ́ gan-an ló máa rí i pé ó ti di méjì. Ẹ má sọ ti àkọ́kọ́ nù nítorí pé tuntun ti wà.

Láàárín ìgbà náà, ẹnì kan tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ra àgbo fún un, ó ní àgbo náà ń fọ kókó. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó má mu ohun tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un: bí kókó bá pòórá láàárín oṣù mélòó kan, àìsàn tó ń san lọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, bí kò bá dàgbà, àpá ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀nà méjèèjì ni àgbo lè gbà gba ìyìn ohun tí kò ṣe, kí ẹlòmíràn tí tirẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ sì gbára lé e.

Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ó wá fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọdún méjì gbáko sí ọjọ́ tí ọ̀kadà gbé e ṣubú. Ó mú síídì méjèèjì lọ́wọ́, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá. Ó fa èémí sínú, ó dá a dúró. Kókó náà ṣì wà níbẹ̀, mìlímítà 7, etí rẹ̀ dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé èsì pé kókó tó ki, kò yí padà fún oṣù mẹ́rìnlélógún, kò nílò àtúnyà mọ́. Ìyá náà ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á. Ó ní ó yá, kí n jẹ́ kí òun máa lọ sọ́jà, oníbàárà kan ń dúró de òun.